Àpótí Mẹ́rìndínlógún Karnaugh

Ká ní ẹ̀rọ kan ní bọ́tìnì mẹ́rin: A, B, C àti D. Èyí tí a bá tẹ̀ di 1, èyí tí a ò tẹ̀ di 0. Ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n lè gbà wà, iná ẹ̀rọ náà sì ń tàn ní mẹ́jọ nínú wọn. Bí a bá kọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà méjìlélọ́gbọ̀n ni yóò jẹ́. Ní 1953, Maurice Karnaugh, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, gbé àtẹ kan jáde tí a fi ń rí èyí tó ṣeé gé kúrò:

```
AB\CD  00  01  11  10
00      1   0   0   1
01      0   1   1   0
11      0   1   1   0
10      1   0   0   1
```

Ẹ wo orí àtẹ yìí dáadáa: 11 ló tẹ̀lé 01, kì í ṣe 10. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Láti àpótí kan bọ́ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bọ́tìnì kan péré ló gbọ́dọ̀ yí padà. Láti 01 sí 10, méjì ló ń yí padà. Ẹni tó bá tò ó bẹ́ẹ̀ yóò kó àwọn tí kì í ṣe aládùúgbò pọ̀, ìdáhùn rẹ̀ á sì ṣìnà.

Lẹ́yìn èyí, a ó fi òrùka yí àwọn 1 tó fara kanra ká. Òrùka gbọ́dọ̀ ní igun mẹ́rin, kó sì gba àpótí 1, 2, 4, 8 tàbí 16. Mẹ́ta tàbí mẹ́fà ò sí níbẹ̀, torí ìgbà tí òrùka bá di ìlọ́po méjì ni lẹ́tà kan tó kúrò. Ẹ mú mẹ́rin tó wà láàárín. A jẹ́ 0 níbì kan, ó jẹ́ 1 níbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni C. Àwọn méjèèjì kúrò nìyẹn. B àti D ò kúrò lórí 1, nítorí náà BD ló kù.

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ńkọ́? Òrùka kan náà ni wọ́n. Bí ẹní tí a ká tí etí rẹ̀ méjèèjì pàdé, etí òsì àtẹ yìí kan etí ọ̀tún, òkè sì kan ìsàlẹ̀, torí bọ́tìnì kan ṣoṣo ló ya 00 sọ́tọ̀ kúrò lára 10. Ní igun gbogbo, B àti D jẹ́ 0. Àmì ' la fi ń sọ pé lẹ́tà jẹ́ 0:

```
F = BD + B'D'
```

Lẹ́tà mẹ́rin péré. Iná ń tàn nígbà tí B àti D bá ṣe bákan náà. A àti C ò ní ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń so igun òkè méjèèjì pọ̀, tí wọ́n tún so ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n á kọ A'B'D' + AB'D'. Kò ṣìnà, àmọ́ ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ méjì tí àmì lórí lẹ́tà kan ṣoṣo fi yàtọ̀ síra, ẹ mọ̀ pé òrùka yín kò tíì fẹ̀ tó. Bí gbogbo 1 inú òrùka kan bá sì ti wà nínú àwọn mìíràn, ẹ pa á rẹ́.

Bí bọ́tìnì bá ti ju mẹ́fà lọ, ó ṣòro kí ojú tó rí aládùúgbò. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún.