Níbo ni owó mọ́sálásí gbà lọ? Àwòrán tó ń fi ìrìn owó hàn

Akápò á dìde níwájú ìjọ, á ní: “₦120,000 la bá nílẹ̀, ₦80,000 ló kù.” Kó tó jókòó, ìbéèrè á ti bẹ̀rẹ̀: kí la fi ₦40,000 ṣe? Bẹ́ẹ̀, owó tó jáde ju ìyẹn lọ dáadáa. Owó tó wọlé láàárín ló bò ó mọ́lẹ̀.

Àwòrán kan wà tó ń tú irú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀. Wọ́tàfọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é, torí ó dà bí omi tó ń já láti orí àpáta. Ẹ jẹ́ ká mú mọ́sálásí àdúgbò kan ní Àwẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Àwa la fúnra wa gbé iye owó rẹ̀ kalẹ̀.

Ẹ fa ìlà sí ìsàlẹ̀ ìwé onígun mẹ́rin àwọn ọmọ iléèwé, kí ojú kan dúró fún ₦10,000. Ọ̀wọ̀n àkọ́kọ́, ₦120,000, gbéra láti ilẹ̀ dé ojú kejìlá. Ọrẹ Jímọ̀ jẹ́ ₦85,000. Ọ̀wọ̀n tirẹ̀ kò ní kan ilẹ̀: ibi tí ti àkọ́kọ́ parí sí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gòkè dé ₦205,000. Alàájì kan fi ₦60,000 kún un, ó di ₦265,000. Wàyí o, a sọ̀kalẹ̀. Páànù òrùlé gba ₦95,000, ó ku ₦170,000. Epo jẹnẹrétọ̀ gba ₦40,000, ó ku ₦130,000. Owó ọ̀yà ùstáàsì jẹ́ ₦50,000. Ọ̀wọ̀n ìkẹyìn tún gbéra láti ilẹ̀, ó dúró sí ₦80,000. Gbogbo ìjọ á wá rí i pé ₦145,000 wọlé, ₦185,000 jáde.

Bí ₦80,000 yìí kò bá bá owó tó wà nílé ìfowópamọ́ àti lọ́wọ́ akápò mu, ó lè jẹ́ pé ìnáwó kan wà tí wọn kò kọ sílẹ̀, tàbí pé wọ́n ti ka owó tí ẹnì kan kàn ṣèlérí mọ́ èyí tó wọlé.

Lórí Excel 2016 tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú ìnáwó, kí ẹ lọ sí `Insert`, kí ẹ mú `Waterfall`. Ibi tó ti ń dojú rú ni ọ̀wọ̀n ìkẹyìn: ẹ̀rọ á kà á sí owó tuntun, á gbé e lé orí ₦80,000, á di ₦160,000. Ẹ yan ọ̀wọ̀n náà nìkan, kí ẹ tẹ `Set as total`, á sì bọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ bí a ṣe to owó tó wọlé ṣáájú ìnáwó yìí lè fi nǹkan pamọ́. Ká ní wọ́n ti ra páànù àti epo kí ọrẹ Jímọ̀ tó dé, ₦120,000 kò lè gbé ₦135,000: ẹnì kan ti yá mọ́sálásí ní ₦15,000 nìyẹn. Bí a bá tò ó bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra, ọ̀wọ̀n epo á wọ ìsàlẹ̀ ìlà ilẹ̀, gbèsè náà á sì hàn.