Ibi Tí Oníbàárà Ti Ń Béèrè Bíìlì Ni Kí Àwòrán Ti Bẹ̀rẹ̀

Oníṣẹ́ sólà kan ní Ìbàdàn, ẹni tí mo mọ̀ dáadáa, fẹ́ kí wọ́n ṣe ìkànnì fún òun. Àwọ̀ tó wù ú àti ibi tí orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ yóò wà ló kọ́kọ́ ń sọ fún mi. Mo ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kó mú bébà àti pẹ́ńsùlù wá.

Àwòrán tí a fẹ́ yà, tí àwọn tó ń ṣe ìkànnì ń pè ní wáyàfúréèmù, kì í ní àwọ̀ rárá. Àpótí-àpótí ni. Èyí tí ìlà méjì dábùú ara wọn nínú rẹ̀ dúró fún fọ́tò, ìlà wíwọ́ dúró fún ọ̀rọ̀, àpótí kékeré tí a kùn dúdú sì jẹ́ bọ́tìnnì. Ohun tó ń fi hàn ni nǹkan tí àlejò máa kọ́kọ́ rí, èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé ibi tí yóò ti sọ pé, "Ẹ kọ bíìlì wá."

Orí fóònù làwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń wo nǹkan, nítorí náà a gbé fóònù rẹ̀ lé bébà, a fi pẹ́ńsùlù tọ etí rẹ̀ yí ká nígbà mẹ́rin. Ojú ìwé náà nìyẹn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìkẹrin la kọ́kọ́ yà, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè iye owó.

Mo bi í pé, "Tẹ́nì kan bá pè ọ́ pé èló ni sólà, kí lo máa ń bi í?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi tàn, fún wákàtí mélòó, àti pé níbo nilé wọn wà."

Fọ́ọ̀mù ti parí nìyẹn. Ẹ wo ìdí tí ìbéèrè wákàtí fi ṣe pàtàkì. Fáànù mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 60 jẹ́ 180. Tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ 100 àti gílóòbù mẹ́fà oníwáàtì 10 sọ ọ́ di 340. Ẹni tó fẹ́ lò ó fún wákàtí mẹ́rin nílò 1,360 wáàtì-wákàtí, ẹni tó fẹ́ wákàtí mẹ́wàá nílò 3,400. Ẹrù kan náà ni wọ́n gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan, bíìlì wọn kò sì lè dọ́gba. Ìmeèlì, àdírẹ́sì ilé ní kíkún àti irú iṣẹ́ tí oníbàárà ń ṣe wà nínú fọ́ọ̀mù tó ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń yí iye owó padà, a sì yọ wọ́n. Ó fi nọ́ńbà fóònù sókè pátápátá. Mo gbé e wá sísàlẹ̀. Ẹni tí a kọ́kọ́ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń rò pé wọ́n fẹ́ máa pe òun ṣáá ni. A kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bíìlì nìkan la ó fi nọ́ńbà náà bá wọn sọ.

Ìgbà náà la tó padà sókè. Lójú kìíní, a kọ ohun tó ń ṣe àti ìlú tó ti ń ṣe é, pẹ̀lú bọ́tìnnì kan ṣoṣo: "Béèrè bíìlì." Ó ti fẹ́ kọ "Kàn sí wa," ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ohun tí èèyàn máa rí gbà. Bọ́tìnnì náà tún jáde lójú kejì àti ìkẹta, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Ojú kejì sọ ohun tí ètò kékeré, àárín àti ńlá lè gbé, pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta ni fọ́tò iṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, nítorí ó kù díẹ̀ kí àlejò dé fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ sì ni iyèméjì ti ń mú un.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé: ojú tó ń jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Bí kò bá sọ pé ó ti dé àti ìgbà tí èsì máa wá, wọn á tún un fi ránṣẹ́, tàbí kí wọ́n lọ bá ẹlòmíràn. A ya ìyẹn sẹ́yìn bébà.

A wá gbé bébà náà fún obìnrin tó ń ta ẹja dídì ní ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a kò ṣàlàyé nǹkan kan. Mo ní kó fi ìka tọ́ka ibi tó máa tẹ̀. Lójú kejì ló dúró, ó ní, "Fíríìsà mi ńkọ́, ṣé kékeré ni àbí ńlá?" A pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, a sì kọ orúkọ àwọn ẹ̀rọ ilé àti ti ìsọ̀ síbẹ̀.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹni tó máa ṣe ìkànnì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú irú bébà yìí dání lọ bá a.