Káàdì Kan, Ìlà Mẹ́rin: Bí A Ṣe Ń Da Káàdì Inú Fọ́tò Kọ

Ọkùnrin kan tó ń ta pákó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ohun tó wà lára àwọn káàdì wọ̀nyí jáde. Orúkọ, ipò, fóònù àti ímeèlì nìkan ni mo fẹ́." Fọ́tò káàdì 17 ló wà níbẹ̀. Ibi ìpàdé àwọn oníṣòwò ni wọ́n ti fún un, àmọ́ àwọn káàdì fúnra wọn ti já bọ́ sínú ọkọ̀ èrò. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ wàràwàrà, mo gbowó mi. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá padà dé. Ẹnì kan tí wọ́n pè nínú wọn ní òun ò mọ nǹkan kan nípa pákó, pé kí wọ́n má pe òun mọ́. Nígbà tí a jọ padà wo fọ́tò, mo rí i pé mo ti ka 3 sí 8.

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́gbọ́n pé dída káàdì kọ yàtọ̀ sí kíkọ lẹ́tà. Nínú lẹ́tà, bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣì, èyí tó tẹ̀lé e yóò tún un ṣe lójú ẹni tó ń kà á. Nọ́ńbà kò ní ẹni tí yóò tún un ṣe. Káàdì ló ń sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ ohun tó sọ, kí n má bá a sọ èyí tí kò sọ.

Orí fọ́tò ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ káàdì tí wọ́n ń tẹ̀ fún wa, ní Ṣómólú l'Ékòó tàbí níbòmíràn, ni wọ́n fi lámínéètì bò tí ó ń dán. Bí ẹni tó ya fọ́tò bá tan fíláàṣì, ìmọ́lẹ̀ á funfun gbòò lójú káàdì, á sì gbé òǹkà méjì tàbí mẹ́ta mì. Ẹ gbé káàdì sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí ohun tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbi tí ojúmọ́ ti ń wọlé. Ẹ pa fíláàṣì, kí ẹ sì na fóònù sókè tààrà títí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi hàn. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, torí pé ibẹ̀ ni àwọn mìíràn máa ń kọ nọ́ńbà kejì sí. Bó bá jẹ́ pé Wáàsáàpù ni wọ́n fẹ́ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi Document. Wáàsáàpù máa ń fún àwòrán pọ̀ kó lè yára lọ, àwọn lẹ́tà kéékèèké ló sì kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ohun tí fọ́tò kò bá gbà, bó ti wù kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú tó, kò ní jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá mú káàdì kan. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é: orúkọ Lágbájá, Tàmẹ̀dò àti Làkáṣègbè ni mo lò, mo sì fi 0600 bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà kó má bàa jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

```
LAKASEGBE FURNITURE WORKS
Chief Mrs. LAGBAJA Tamedo O., FCA
Managing Director / Head, Sales
Tel: +234 (0) 600 451 7083, 7084
tamedo_lagbaja@example.com
www.example.com
```

Orúkọ ni ìlà kìíní. Ìlà tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi jù ni ojú máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé orúkọ ilé iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ti ènìyàn. Orúkọ ènìyàn ni èyí tí oyè bíi Chief, Alhaji tàbí Engr. ṣáájú. Nínú káàdì wa, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ LAGBAJA, èyí fi hàn pé orúkọ ìdílé ni wọ́n fi ṣáájú. Ẹ má yí i padà. Bí wọ́n ṣe tò ó ni kí ẹ tò ó. FCA tó wà lẹ́yìn orúkọ kì í ṣe iṣẹ́ tí obìnrin náà ń ṣe níbẹ̀. Àmì ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ni, ẹ̀gbẹ́ orúkọ sì ni ààyè rẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń dá àwa Yorùbá lọ́wọ́ yún. Káàdì kò fi àmì sórí Lagbaja, ọwọ́ wa sì fẹ́ kọ Lágbájá. Ẹ má ṣe é. Bí a bá rí Ayo lára káàdì, Ayọ̀ lè ni, Ayò lè ni, ẹni tó ń jẹ́ ẹ nìkan ló mọ̀. Bí káàdì bá sì fi àmì àti ìdí sí lẹ́tà, ẹ fi sí i pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nínú ímeèlì, bí ẹ bá rí tóótòòtó lábẹ́ lẹ́tà, ẹ tún un wò dáadáa: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń fi ọ tàbí ẹ ṣí ímeèlì. Ìdọ̀tí tàbí ìlà ni irú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

Ipò ni ìlà kejì. Káàdì wa kọ ipò méjì sílẹ̀, ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì yóò sì wà. Ẹ má sọ Managing Director di ọ̀gá àgbà, ẹ má sì sọ GM di General Manager bí ó bá jẹ́ GM ni wọ́n kọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí i lọ́la nílò ipò náà bí ẹni tó ni ín ṣe ń pè é.

Fóònù ni ibi tí mo ti ṣubú, nítorí náà n óò dúró níbẹ̀ díẹ̀. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ilẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ òǹkà 11. Òdo ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 7, 8 tàbí 9 ló sì máa ń tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá fi +234 bẹ̀rẹ̀, òdo yóò kúrò, òǹkà 10 ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé +234. Òdo tí ẹ rí nínú àkámọ́ lára káàdì wa, ẹni tó ń pè láti Nàìjíríà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹni tó bá tẹ +2340 kò tí ì mọ ohun tí àkámọ́ ń sọ. Ẹ yan ọ̀kan: 06004517083 tàbí +2346004517083. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á. Bó bá jẹ́ 10 tàbí 12 lẹ bá dípò 11, ẹ ti gbàgbé ọ̀kan tàbí ẹ ti tẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo 7084 tó wà lẹ́yìn kọ́mà. Kì í ṣe nọ́ńbà kúkúrú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nọ́ńbà kejì bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba títí dé ibi òǹkà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ jáde pátápátá: 06004517084. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó o sínú Excel, ẹ kọ́kọ́ yan Text fún òpó fóònù kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ó máa rò pé owó ni ẹ ń kà, á gbé òdo iwájú jù nù. Mo ti rí ìwé tí gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ òǹkà mẹ́wàá mẹ́wàá, tí ẹni tó ni ín ń bínú sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Kíka òǹkà nìkan kò lè mú 3 tó di 8. Ohun tó ń mú un ni kí ẹni méjì jọ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹnì kan mú fọ́tò, ẹnì kejì mú ohun tí a tẹ̀, kí wọ́n sì kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Bí a bá kà á láti iwájú, ojú ti mọ ohun tó ń bọ̀, á máa sáré. Láti ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ wò.

Ímeèlì ló kẹ́yìn. @ kan ṣoṣo ló ń wà nínú rẹ̀, kò ní àlàfo, dọ́ọ̀tì kan ó kéré tán sì wà lẹ́yìn @ náà. Nínú fọ́tò tí kò mọ́ dáadáa, r àti n tó fara kan ara wọn máa ń dà bíi m, l ń dà bíi 1, O ń dà bí òdo. Káàdì mìíràn tún fa ìlà sábẹ́ ímeèlì, ìlà náà á sì bo _ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí àlàfo láàárín tamedo àti lagbaja, ẹ fẹ fọ́tò lójú dáadáa, torí pé àlàfo kì í gbé inú ímeèlì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tó wà lẹ́yìn @ wé ìkànnì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Nínú tiwa, example.com ni méjèèjì. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ránṣẹ́ sí yín. Ó lè jẹ́ atẹ̀wé ló ṣe àṣìṣe, kì í ṣe tiyín láti tún un ṣe.

Ohun tí a ó fà lé oníbàárà lọ́wọ́ nìyí:

```
Orúkọ: Chief Mrs. LAGBAJA Tamedo O., FCA
Ipò: Managing Director / Head, Sales
Fóònù: 06004517083; 06004517084
Ímeèlì: tamedo_lagbaja@example.com
```

Ilé iṣẹ́ àti ìkànnì kò sí níbẹ̀ torí pé a kò béèrè wọn. Bí káàdì kan kò bá ní ímeèlì, ẹ má yọ ìlà náà kúrò; ẹ kọ "kò sí" síwájú rẹ̀. Bó bá wà ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kà á, ẹ kọ "kò hàn". Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì: ẹni tó rí "kò sí" yóò fi fóònù pè, ẹni tó rí "kò hàn" yóò lọ wá káàdì náà. Tó bá jẹ́ òǹkà kan ló farasin, ẹ fi ? sí ààyè rẹ̀, ẹ má ronú sí i.

Fóònù tí ń fi kámẹ́rà ka ọ̀rọ̀, bíi Google Lens tàbí Live Text ti iPhone, lè bá yín tẹ èyí tó pọ̀ jù. Ó máa ń yára. Ṣùgbọ́n ó máa ń ju ìdí ọ àti ẹ nù, ó sì lè pa ìlà ilé iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti orúkọ. Nítorí náà, bí ó bá tẹ̀ ẹ́ tán, àyẹ̀wò tí a sọ lókè yìí náà ni yóò là kọjá.

Nígbà tí mo tún káàdì 17 yẹn kọ fún bàbá, mo fi "kò hàn" sí méjì. Wọ́n kọ́kọ́ lọ́ra láti gbà á. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó." Wọ́n wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n sì pe àwọn tó ṣètò ìpàdé láti béèrè méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má pa fọ́tò káàdì rẹ́ nínú fóònù yín títí ẹ ó fi pe nọ́ńbà náà, tí ẹni tó ni káàdì yóò sì fúnra rẹ̀ dáhùn.