Ta ló sọ Èṣù di Sàtánì? Ẹ ṣí Mátíù orí 4

Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ń bí i. Ó fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù, wọ́n ní orúkọ bàbá rẹ̀ nínú sàtífíkéètì àtijọ́ kò bá orúkọ tí òun ń jẹ́ mu. "Èṣù" ló bẹ̀rẹ̀ tàtijọ́, "Olú" ló bẹ̀rẹ̀ tòní. Bàbá rẹ̀ ló yí i padà nígbà tó di onígbàgbọ́. Ní báyìí, ọmọ ní láti lọ búra ní kọ́ọ̀tù, kó sì kéde nínú ìwé ìròyìn. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń sá fún gan-an?"

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú Bíbélì Yorùbá. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821, ló léwájú nínú ìtumọ̀ náà. Ìwé Róòmù jáde lọ́dún 1850, odidi Bíbélì sì parí lọ́dún 1884. Òun nìkan kọ́ ló ṣe é. Thomas King wà lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́.

Ìṣòro wọn ni pé ẹ̀sìn tuntun nílò ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ti ní ẹ̀sìn tirẹ̀ nínú. Kí ni kí wọ́n pe ẹni tó ń rúbọ nínú tẹ́ḿpìlì? Bí wọ́n bá pè é ní babaláwo tàbí àwòrò, òrìṣà ni ọkàn èèyàn máa lọ bá. Wọ́n wá yà sọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n ti wà láàárín wa tipẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú àlùfáà, àdúrà, wòlíì àti wàásù. Ẹ ò rí i pé Ìwé Oníwàásù tí ẹ ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ tí Mùsùlùmí fi ń wàásù ló wà lórí rẹ̀!

Nígbà tó kan ọ̀tá Ọlọ́run, ọ̀dọ̀ òrìṣà ni wọ́n yà sí. Yorùbá kò ní ẹ̀dá kan tó jẹ́ kìkì ibi, tó ń bá Olódùmarè du ìtẹ́. Èṣù ni wọ́n mú. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn babaláwo, ìránṣẹ́ ni Èṣù. Oríta ló ń ṣọ́, òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, ó sì ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹbọ. Ó lè da nǹkan rú fún ẹni tí kò rúbọ, ó sì lè la ọ̀nà fún ẹni tó rú. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ló jọ pé àwọn atúmọ̀ wò, tí wọn ò wo iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣé dandan ni? Ẹ ṣí Mátíù orí 4. Ní ẹsẹ 1, Èṣù ló fẹ́ dán Jésù wò. Nígbà tó fi máa di ẹsẹ 10, Sátánì ni Jésù pè é. Wọ́n yá orúkọ Sátánì bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kejì, tó túmọ̀ sí abanijẹ́ tàbí olùfisùn, ni wọ́n sọ di Èṣù. Wọ́n lè fi Sátánì sí ibi méjèèjì, tàbí kí wọ́n túmọ̀ "olùfisùn" bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Kúbà náà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa gbé òrìṣà yìí kan náà débẹ̀. Ẹlẹ́gbáa ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ wọn sì fi wé Jésù ọmọdé ti Àtóṣà, ère ọmọ kékeré tí àwọn Kátólíìkì ń bọ̀wọ̀ fún. Níbẹ̀, ọmọdé tó ń ṣílẹ̀kùn ni. Nílé, ó di ọ̀tá Ọlọ́run.

Ohun tó tẹ̀lé e kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tó bá ka Bíbélì yẹn, tó wá gbọ́ pé babaláwo bọ Èṣù kó tó rúbọ, yóò gbà pé Sátánì ni gbogbo Ifá ń sìn. Orúkọ ìdílé di ohun ìtìjú. Bíbélì Yorùbá òde òní náà ṣì ń lo èṣù, Mùsùlùmí ń fi ṣe wáàsí, àwa náà ń sọ pé "iṣẹ́ èṣù ni."

Mi ò sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó dá orúkọ àtijọ́ padà o. Ìyẹn kù sọ́wọ́ òun àti ẹbí rẹ̀. Mo kàn ní kó kọ orúkọ méjèèjì sínú ìwé ìbúra rẹ̀ dáadáa, kí ọmọ tirẹ̀ lè mọ̀ pé kì í ṣe Sátánì ló sọ bàbá bàbá wọn lórúkọ.