Onídùúró Mẹ́ta, Gbèsè Kan

Oníṣòwò tó bá fẹ́ yáwó lọ́wọ́ báǹkì kéékèèké kì í sábà lọ lóun nìkan. Wọn á ní kó mú onídùúró wá, wọn á sì gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì síwájú onídùúró náà. Bí kò bá mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, ẹnì kan á túmọ̀ ìwé náà fún un, á sì tẹ̀ka. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé ọ̀hún tí ìtumọ̀ rẹ̀ máa ń bọ́ sọnù kí ìka tó kan tàdáwà.

Gbólóhùn náà sọ pé àwọn onídùúró ni yóò dáhùn fún gbèsè náà "lápapọ̀ àti lọ́kọ̀ọ̀kan". Bí èèyàn bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ohun tó máa rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tọ̀nà, àpapọ̀ wọn ló ṣì wá lọ́nà.

Ká ní ìyá aláṣọ kan yá 600,000 náírà. Ó san 150,000, ọjà wá dẹnu kọlẹ̀, ó ku 450,000. Onídùúró rẹ̀ mẹ́ta ni: tíṣà kan, awakọ̀ kan àti ìyá oníṣu kan. Bí wọ́n bá gbọ́ "lápapọ̀ àti lọ́kọ̀ọ̀kan", kálukú á ṣírò ìpín tirẹ̀: 150,000 ló kàn mí. Ìṣirò náà ò burú, torí ìpín ni "lọ́kọ̀ọ̀kan" máa ń gbé wá sí wa lọ́kàn. Àmọ́ nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Nàìjíríà jogún, báǹkì lè fi awakọ̀ àti ìyá oníṣu sílẹ̀ kó gba 450,000 náà lódindi lọ́wọ́ tíṣà, bóyá torí pé owó oṣù tirẹ̀ ló rọrùn láti rí.

Tíṣà á ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó jẹ owó. Ìyẹn náà lè má gbà á sílẹ̀. Lọ́dún 2010, nínú ẹjọ́ Chami àti báǹkì UBA, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé àdéhùn onídùúró dá dúró lọ́tọ̀, ẹni tó yáni lówó sì lè pe onídùúró lẹ́jọ́ láìpe ẹni tó yá owó mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé irú nǹkan báyìí ṣàjèjì sí Yorùbá o. Sámúẹ́lì Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ṣàlàyé iṣẹ́ ológò, ẹni tí wọ́n ń rán lọ dógò ti onígbèsè. Ológò kì í béèrè ẹni tó ni adìyẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá lágbo ilé. Èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ ló ń mú. Ó sún mọ́ ohun tí òfin ń wí, ṣùgbọ́n ológò ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílé ẹjọ́ òde òní, kò sì sí ògbufọ̀ tó máa kọ ọ́ sínú ìwé báǹkì. Ìwúlò rẹ̀ ò ju àlàyé ẹnu lọ.

Nígbà tí kò ti sí ọ̀rọ̀ kan tó bá a dọ́gba, ohun tí gbólóhùn náà ń ṣe ni ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ kọ, bó tilẹ̀ gùn:

"Onídùúró kọ̀ọ̀kan ló máa dáhùn fún gbèsè yìí lódindi, kì í ṣe ìpín tirẹ̀ nìkan. Ẹni tó yáni lówó ní ẹ̀tọ́ láti gba gbogbo owó tó kù lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn, tàbí lọ́wọ́ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbà ju iye gbèsè náà lọ."

Ìdí wà fún apá tó kẹ́yìn. Láìsí i, ẹnì kan lè rò pé báǹkì lè gba 450,000 lọ́wọ́ ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A sì kọ "ní ẹ̀tọ́ láti gba" dípò "lè gba", nítorí "lè" lásán lè dún bí ohun tó ṣeé ṣe kó má ṣẹlẹ̀.

Ibì kan wà tí ògbufọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá. Bí tíṣà bá san gbogbo owó náà, òfin gbà á láyè láti béèrè ìpín lọ́wọ́ àwọn méjì yòókù, àti gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá aláṣọ. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí nínú gbólóhùn tí à ń túmọ̀. Ẹni tó bá kì í bọ̀ ọ́ ti kúrò ní ògbufọ̀, ó ti di lọ́yà. Kó sọ ọ́ lẹ́nu, kó má kọ ọ́ sínú ìtumọ̀.

Òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ní kí ẹni tó bá kọ ìwé fún un fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Ìwé náà sì sábà máa ń jẹ́rìí nísàlẹ̀ pé wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó sì yé ẹni tó tẹ̀ka. Yorùbá tí wọ́n sọ gan-an ni kì í sí níbẹ̀. Bí ìjà bá dé, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí ìwé. Yorùbá ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró fún ẹlòmíràn, ẹ ní kí wọ́n kọ Yorùbá náà sílẹ̀, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà kan, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka.