Bí wọ́n bá dárúkọ API nípàdé

Bí ẹ bá wà nípàdé ẹgbẹ́, tí ẹni tó ń ṣe sáìtì yín sọ pé, "A ó so ó mọ́ API MoMo," ẹ má jẹ́ kó dà yín rú. API dà bí ojú fèrèsé tí ilé-iṣẹ́ kan ṣí sílẹ̀ kí ẹ̀rọ ẹlòmíràn lè wá béèrè nǹkan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá là sílẹ̀ nìkan lẹ lè béèrè; ẹ ò lè wọnú ilé.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Oníbàárà fẹ́ ra gàrí 5 000 fìráǹkì. Sáìtì yín fi nọ́ńbà rẹ̀ àti iye owó ránṣẹ́ sí MoMo. MoMo dáhùn pé 202, ìyẹn ni pé, "Mo ti gbọ́." Owó ò tíì wọlé o! Oníbàárà ṣì máa tẹ kóòdù àṣírí rẹ̀ lórí fóònù. Sáìtì gbọ́dọ̀ padà lọ béèrè. Bó bá rí PENDING, kó dúró. Bó bá rí FAILED, owó ò wọlé. SUCCESSFUL nìkan ló túmọ̀ sí pé ó ti san.

Torí náà, ẹ bi í nípàdé pé: "Ìgbà wo ni sáìtì máa ní ká gbé ẹrù jáde?" Bó bá ní lẹ́yìn 202 ni, ẹ má gbà o.