Kẹ́ ẹ Tó Sanwó, Ẹ Wo Pátákó Inú Fọ́tò

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa tá a rò pé kò yẹ kó mọ sí ìsọ̀ kan ṣoṣo, ìdí nìyí tá a fi gbé e wá sójú ìwé yìí.

Ọ̀kan nínú àwa aláṣọ léèsì bá ọkùnrin kan pàdé lórí fóònù. Ọkùnrin náà ní òun ní ìsọ̀ aṣọ ńlá nílùú Gúáńjóò, ní Ṣáínà, ó sì fi fọ́tò ojú ìsọ̀ náà ránṣẹ́. Ó ní kí ìyá san ìdajì owó sílẹ̀ kóun tó di ẹrù. Owó àjọ ọdún kan gbáko ni ìyá fẹ́ẹ́ san o! Kó tó dé báǹkì, ó mú fóònù náà wá sọ́dọ̀ wa, ó ní, "Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Ṣáínà rí."

Kì í ṣe aṣọ la kọ́kọ́ wò. Léèsì tó wà ní Gúáńjóò náà ló wà ní Balógun, aṣọ ò sì lè sọ ìlú tó wà. Pátákó la wò, torí pé àwọn ará àdúgbò ni wọ́n kọ pátákó fún, ohun tí wọ́n lè kà ni wọ́n sì máa ń kọ sí i.

Ṣé ìkọ̀wé Ṣáínà tiẹ̀ ni?

Ọ̀pọ̀ wa, tá a bá ti rí ìkọ̀wé tó dà bí igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò jọ, Ṣáínà la máa ń pè é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń rí òbìrí kékeré bí òrùka láàárín àwọn ìlà tó gún, ti Kòríà nìyẹn. Ẹ wo 옷, aṣọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, òrùka sì wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn tó kún fún ìlà, tí àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ká kòrókòró bíi の wá wà láàárín wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Jàpáànì. Àmọ́ àwọn ìsọ̀ kan ní Họ́ńkọ́ńgì àti Táíwáànì máa ń fi の yìí ṣe ẹ̀ṣọ́. Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ rí, ẹ má tíì sọ pé Jàpáànì ni, ẹ wá irú ẹ̀ mìíràn.

Ti Ṣáínà ní tiẹ̀, kò ní òrùka, kò sì ká kòrókòró. Bí ẹni tò búlọ́ọ̀kù ló rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kún àyè tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti fọ́tò ìyá. Ìkọ̀wé Ṣáínà ni, àmọ́ ìyẹn ò tíì sọ pé Gúáńjóò ni.

Ti àtijọ́ àti ti tuntun

Lọ́dún 1956, ìjọba Ṣáínà gbé ètò kan jáde láti dín ìlà inú ọ̀pọ̀ àmì ìkọ̀wé wọn kù, kó lè rọrùn láti kọ́. Lákòókò yẹn, Họ́ńkọ́ńgì wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1997. Màkáò wà lábẹ́ àwọn Potogí títí di 1999. Táíwáànì náà ní ìjọba tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìkọ̀wé àtijọ́ mú, òun ni wọ́n ṣì ń kọ sára pátákó dòní.

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n kà. Àmì méjì péré ni kẹ́ ẹ mú dání. Àkọ́kọ́ ni ẹnu ọ̀nà. Ti àtijọ́ ni 門. Ẹ ò rí i pé ó jọ ilẹ̀kùn alábala méjì tó kọjú síra? Ti tuntun ni 门, férémù ilẹ̀kùn nìkan ló ṣẹ́ kù. Ìkejì wà nínú orúkọ Gúáńjóò fúnra ẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ báyìí ní 广州, ti àtijọ́ sì ni 廣州. 广 dà bí òrùlé tí nǹkan kan ò sí lábẹ́ ẹ̀. Ti 廣, ẹrù ti kún abẹ́ òrùlé náà.

A fẹ fọ́tò ìyá lójú, a rí 門 lára pátákó ìsọ̀ náà. A ò tíì gbà. A wo ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, a rí 廣. A wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó, ti àtijọ́ náà ni. Ibí yìí lara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu wá.

Ìkọ̀wé kékeré ló parí ẹ̀

Nínú ìlú mẹ́ta tó kù, èwo ni? Pátákó orúkọ títì ló dá wa lóhùn. Funfun ni, dúdú ni wọ́n fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì wà lókè, ti Ṣáínà wà nísàlẹ̀: Ki Lung Street. Ká ní Màkáò ni, Rua la ò bá rí, èdè Potogí. Ká ní Gúáńjóò ni, Lu ni wọn ì bá máa kọ fún títì, kì í ṣe Street. Nígbà tá a wá títì náà lórí máàpù fóònù, Sham Shui Po ló gbé wa lọ, ní Họ́ńkọ́ńgì, àdúgbò tí wọ́n mọ̀ dáadáa fún ọjà aṣọ.

Nọ́ńbà fóònù náà tún wà lára pátákó, dígíìtì mẹ́jọ ni. Bí nọ́ńbà Họ́ńkọ́ńgì ṣe máa ń rí nìyẹn, àmọ́ nọ́ńbà ilé ní Gúáńjóò náà jẹ́ mẹ́jọ tí wọn ò bá kọ 020 síwájú ẹ̀. Torí náà, nọ́ńbà mẹ́jọ nìkan ò tó ẹ̀rí. Èyí tó dáa láti wá ni nọ́ńbà alágbèéká: ti Ṣáínà jẹ́ mọ́kànlá, 1 ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Ti Táíwáànì jẹ́ mẹ́wàá, 09 ló máa ń bẹ̀rẹ̀. A wá a títí nínú fọ́tò náà, a ò rí ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ibi tó ti lè ṣì yín lọ́nà

Ní Gúáńjóò gan-an, àwọn ìsọ̀ kan máa ń fi ìkọ̀wé àtijọ́ kọ orúkọ wọn gàdàgbà, torí ó níyì lójú wọn. Ìdí nìyí tí pátákó kan ò fi tó. Ẹ wo ìkọ̀wé kékeré, iye owó ọjà, àti ìsọ̀ aládùúgbò. Bákan náà, àwọn ará Ṣáínà tó ń gbé nílùú Lọ́ńdọ̀nù náà máa ń kọ ìkọ̀wé àtijọ́ sójú ìsọ̀ wọn, pátákó títì àti nọ́ńbà fóònù ló máa tú u fó. Tí dígíìtì bá sì kọ ẹ̀yìn síwájú, ẹnì kan ti yí fọ́tò náà padà bíi ti inú dígí, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ tó kà á.

Ẹ tún gbọ́ èyí o: pátákó á sọ ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò, kò lè sọ ẹni tó ni ìsọ̀. Èèyàn lè ní ìsọ̀ ní Họ́ńkọ́ńgì kó sì kó ẹrù sí Gúáńjóò. Olè náà sì lè dúró níwájú ìsọ̀ onísọ̀ ní Gúáńjóò kó ya fọ́tò tó péye. Nítorí náà, a ò pe ọkùnrin yẹn lólè. Ìyá kàn bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, títì wo ni ìsọ̀ yín wà?" Ó dárúkọ títì kan ní Gúáńjóò. Ìyá ní kó kọ orúkọ òun àti ọjọ́ òní sínú bébà, kó gbé e dúró níwájú pátákó ìsọ̀, kó ya fọ́tò mìíràn. Ó ní òun ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà, ìpè ò wọlé mọ́.

Owó àjọ ìyá ṣì wà lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tí wọ́n bá fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí, kó fẹ̀ ẹ́ lójú, kó wá 門 tàbí 门 kó tó ka owó. Bí pátákó bá sì bá ọ̀rọ̀ ẹni náà mu, ẹ ṣì bá wa wá ọmọ wa kan tó wà nílùú yẹn, kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ débẹ̀.